Orin Tí A Rà Tí Kò Di Tiwa

Bí ìyàwó rẹ̀ bá tilẹ̀ kanlẹ̀kùn lẹ́ẹ̀mẹta bó ṣe máa ń kàn án, tó sì wúkọ́ sí i, oníkọ́kọ́rọ́ yìí á ṣì béèrè láti inú ilé pé, "Ta ló wà ńbẹ̀?" Ọdún méjìlélógójì ló fi ń béèrè é. Àdúgbò bá kúkú fi sọ ọ́ lórúkọ. Àwọn ọmọdé ń pè é ní Bàbá Ta-ló-wà-ńbẹ̀ lójú rẹ̀, àwọn àgbà ń pè é bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, inú kò sì bí i rí. Lójú tirẹ̀, ìbéèrè tó mọ́gbọ́n dání ni, àwọn tí kì í béèrè ló ń sunkún ní tésàn ọlọ́pàá.

Iṣẹ́ rẹ̀ ló kọ́ ọ bẹ́ẹ̀. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ò ju ibi tí èèyàn mẹ́ta lè dúró sí lọ. Kọ́kọ́rọ́ tí a kò tíì gbẹ́ kún ara ògiri lórí ìṣó, ẹ̀rọ tó fi ń gbẹ́ wọn wà lórí tábìlì, eruku irin sì máa ń dúró sí irun ojú rẹ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Ibẹ̀ ni ọkọ ti wá ní kó bá òun gbẹ́ kọ́kọ́rọ́ àpótí ìyàwó òun. Ibẹ̀ ni onílé ti wá mú un kó lọ pààrọ̀ àgádágodo nígbà tí ayálégbé wà níbi iṣẹ́. Ẹni tó bá ti rí irú nǹkan wọ̀nyẹn, kò ní fojú kan náà wo aráyé mọ́. Ìfura loògùn àgbà, oògùn yẹn ni ọkùnrin yìí sì ń lò láàárọ̀, lọ́sàn-án àti lálẹ́.

Aránṣọ ni ìyàwó rẹ̀. Ẹ̀rọ ìránṣọ tí wọ́n ń fẹsẹ̀ tẹ̀ ló ń lò, inú yàrá tó kọjú sí ọ̀nà ló máa ń jókòó sí, orin kan náà ló sì máa ń gbọ́ bó bá ń ránṣọ. Obìnrin akọrin kan tí òkìkí rẹ̀ ò kàn jìnnà ló kọ ọ́, orin mẹ́wàá ni gbogbo àkójọ náà, orin kẹta ni ìyàwó oníkọ́kọ́rọ́ sì fẹ́ràn jù. Bí orin yẹn bá ti ń lọ, ẹsẹ̀ rẹ̀ á máa bá a lọ lórí ẹ̀rọ, kò ní yá jù, kò ní falẹ̀. Wọn ò fi àkójọ yìí sórí síídì tà rí. Orí íńtánẹ́ẹ̀tì nìkan ni wọ́n ti ń tà á, ní ilé-ìtajà orin kan tó gbajúmọ̀ nígbà náà, ibẹ̀ ni oníkọ́kọ́rọ́ ti rà á fún un ní ọdún mẹ́rìnlá sẹ́yìn. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ló fi ronú kó tó tẹ nọ́ńbà káàdì rẹ̀ síbẹ̀. Nígbà tí ó sì tẹ̀ ẹ́ tán, tí orin wọlé sínú kọ̀ǹpútà, kò yéé wí mọ́: "Mo rà á. Tèmi ni. Kò sẹ́ni tó máa gbà á lọ́wọ́ mi."

Ọmọbìnrin wọn, tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìfìwéránṣẹ́, kò ra orin kan rí láyé rẹ̀. Áàpù ló wà lórí fóònù rẹ̀, ó ń sanwó oṣooṣù, ó sì ń gbọ́ ohun tó bá wù ú. Ọ̀rọ̀ yìí ni òun àti bàbá rẹ̀ fi máa ń ṣeré jà ní gbogbo ọjọ́ Àìkú.

"Ṣòkòtò àgbàbọ̀," bàbá á wí, "bí kò fúnni lẹ́sẹ̀, a ṣoni. Rẹ́múrẹ́mú lohun ẹni ń bá ẹni mu. Ọjọ́ tí o ò bá sanwó mọ́ ńkọ́?"

"Ọjọ́ yẹn n ò ní gbọ́ orin nìyẹn, Bàbá mi. Ẹ̀yin ní orin mẹ́wàá. Èmi ní gbogbo orin ayé. Ta ló ń ra odò torí pé òùngbẹ ń gbẹ ẹ́?"

"Bí olódò bá wá lóun ò fẹ́ rí ọ mọ́ ńkọ́?"

Ọmọbìnrin á rẹ́rìn-ín, á fi ọfà kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ orin hàn án. "Ẹ wò ó, mo ti dáúnlóòdù rẹ̀. Bí kò tiẹ̀ sí íńtánẹ́ẹ̀tì, ó ń kọrin. Inú fóònù mi ló wà."

"Inú fóònù ẹ, àbí inú yàrá tí wọ́n háyà fún un nínú fóònù ẹ?"

Ká má purọ́, ọ̀rọ̀ àwọn méjèèjì ló lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Owó tí ọmọ ń san lóṣù kan kò ju owó tí bàbá fi ra àkójọ kan náà yẹn lọ, ó sì ti gbọ́ orin tí bàbá rẹ̀ kò ní gbọ́ títí yóò fi kú. Ìyàwó oníkọ́kọ́rọ́ á máa gbọ́ wọn láti yàrá kejì, á ní kí wọ́n fi òun lọ́rùn sílẹ̀, òun ń wọn ọrùn aṣọ lọ́wọ́.

Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Ní oṣù márùn-ún sẹ́yìn ni àrùn rọpárọsẹ̀ mú obìnrin náà lórí ìjókòó rẹ̀. Ọlọ́run yọ ọ́, ṣùgbọ́n ọwọ́ ọ̀tún kò dìde mọ́, ẹsẹ̀ ọ̀tún ń wọ́, ọ̀rọ̀ sì kúrò lẹ́nu rẹ̀. Méjì péré ló ṣẹ́kù: "bẹ́ẹ̀ ni" àti "rárá". Ó ń gbọ́ gbogbo ohun tí a bá sọ, kò sì ṣi méjèèjì yẹn lò rí.

Wọ́n ń gbé e lọ sí gbọ̀ngàn ìtọ́jú lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, ọjọ́ Ìṣẹ́gun àti ọjọ́ Ẹtì. Rọ́bà ni wọ́n tẹ́ sílẹ̀ ibẹ̀, dígí ńlá wà lára ògiri kan, irin méjì tó gùn sì dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn tí èèyàn á dì mú lọ́wọ́ méjèèjì bó bá ń kọ́ ìrìn. Ọ̀dọ́bìnrin kan ló ń tọ́jú rẹ̀, gbogbo èèyàn ń pè é ní Fìsíò nítorí iṣẹ́ rẹ̀, ìyẹn kíkọ́ ara tó ti rọ láti tún máa ṣiṣẹ́. Fìsíò kọ́kọ́ ń ka nọ́ńbà fún un, "ọ̀kan, méjì, ọ̀kan, méjì," ẹsẹ̀ kò dáhùn. Ó gbé ẹ̀rọ kan tó ń dún kọ́, kọ́, kọ́, ìyá ní, "Rárá." Lọ́jọ́ kan ni ọmọ rẹ̀ fi orin kẹta yẹn sí i lórí fóònù láti fi tù ú nínú. Ẹsẹ̀ ọ̀tún tó ti ń wọ́ bí ẹrù bá gbéra sókè.

Fìsíò ní kí wọ́n tún un fi sí i. Ó ní ìyàlẹ́nu kọ́ lèyí, pé ìlù tó dọ́gba máa ń ran irú ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́, àti pé ẹsẹ̀ tó ti fi ìlù kan tẹ ẹ̀rọ fún ọdún mẹ́rìnlá ti mọ̀ ọ́n ju bí orí ṣe mọ̀ ọ́n lọ. Láti ọjọ́ náà, ìṣísẹ̀ mẹ́rin di mẹ́jọ, mẹ́jọ di mẹ́tàlá, mẹ́tàlá di mọ́kàndínlógún. Ó tún sọ ohun kan tí oníkọ́kọ́rọ́ gbé sọ́kàn: "Bàbá, àwọn oṣù ìbẹ̀rẹ̀ yìí ni ara máa ń gba ẹ̀kọ́ jù. Ẹ má jẹ́ ká fi èyíkéyìí ṣòfò."

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, ìyá dìde láàárín irin méjì, ọmọ tẹ fóònù, fóònù dákẹ́. Orúkọ orin náà ti di aláwọ̀ eérú. Ó tún tẹ̀ ẹ́. Orin mẹ́wẹ̀ẹ̀wá ló ti di aláwọ̀ eérú, ọfà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn sì ti lọ. Ìyá dúró, ó ń retí. Nígbà tó pẹ́ díẹ̀, Fìsíò fi í jókòó.

Oníkọ́kọ́rọ́ fura lójú ẹsẹ̀, àmọ́ ibi tí ìfura rẹ̀ gbà ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ wò. Ọmọ rẹ̀ ló kọ́kọ́ fura sí: ó dájú pé kò sanwó oṣù yẹn. Ọmọ fi hàn án pé òun sanwó, gbogbo orin yòókù ń dún. Ó fura sí ọkọ ọmọ rẹ̀, pé òun ló fọwọ́ kan fóònù. Ọkọ ọmọ kò sí nílé láti ọjọ́ mẹ́rin. Ó wá fa ọmọ sí kọ̀rọ̀, ó ní, "Fìsíò yìí ńkọ́? Ṣé kì í ṣe pé ó ní ẹ̀rọ kan tó fẹ́ tà fún wa?" Bí èèyàn bá fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ tó ń pa làpálàpá, bó ṣe máa ń rí nìyẹn.

Ọmọ kọ̀wé sí àwọn tó ni áàpù. Wọ́n dáhùn lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan pé àwọn tó ni ẹ̀tọ́ orin náà ti gbà á kúrò, àwọn kò sì lè sọ ìgbà tí yóò padà bí yóò bá padà. Ó wá a lórí áàpù mìíràn, kò sí níbẹ̀. Ó kà á níbì kan pé akọrin àti ilé-iṣẹ́ tó gbé orin rẹ̀ jáde ló ń jà, wọ́n bá kó gbogbo rẹ̀ kúrò lórí àtẹ níbi gbogbo. Ó kọ̀wé sí akọrin náà fúnra rẹ̀, kò rí èsì. Fídíò kan ṣoṣo ló rí, ti ìgbà tí akọrin náà kọ ọ́ lójú agbo, àwọn èèyàn ń pariwo, ìlù sì ń sáré. Wọ́n gbìyànjú rẹ̀ lọ́jọ́ Ẹtì, díẹ̀ ló kù kí ìyá ṣubú. Fìsíò wá orin mìíràn tí ìlù rẹ̀ dọ́gba pẹ̀lú ti àkọ́kọ́. Ẹsẹ̀ gbé ìṣísẹ̀ mẹ́rin, ó dúró. "Rárá," ni ìyá wí, omi sì lé ròrò sí i lójú.

"Ó lè kọ́ orin tuntun," Fìsíò wí, "ṣùgbọ́n á gba àkókò, àkókò yẹn gan-an la ò sì ní púpọ̀."

Níbẹ̀ ni bàbá ti na àyà. Ẹ ò ní bínú sí i, ó ti ń dúró de ọjọ́ yìí fún ọdún mẹ́wàá. "Mo ti sọ fún yín," ó wí. "Ẹ jẹ́ kí n lọ mú tèmi wá. Èmi rà á."

Inú àpótí irin abẹ́ bẹ́ẹ̀dì ló kó o sí, àgádágodo méjì ló sì wà lẹ́nu àpótí ọ̀hún. Ó tú aṣọ kúrò lára fláàṣì kékeré kan tí wọ́n ń kó fáìlì sí, ó tì í bọ kọ̀ǹpútà. Orin mẹ́wàá tò sílẹ̀ níwájú wọn pẹ̀lú orúkọ wọn. Ó wo ọmọ rẹ̀ tìgbéraga-tìgbéraga. Ó tẹ orin kẹta. Kọ̀ǹpútà ní òun kò rí àṣẹ láti kọ orin yìí, kí ó wọlé sí ilé-ìtajà láti gba àṣẹ. Ó tẹ̀ ẹ́, ó tún un tẹ̀, ó tẹ ìkẹrin, ó tẹ ìkẹwàá. Ọ̀rọ̀ kan náà ni.

"Ilé-ìtajà yẹn ti kógbá sílé láti ọdún mẹ́rin sẹ́yìn, Bàbá mi," ọmọ wí pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́.

"Kí ló kàn mí níbẹ̀? Orin wà níbí! Mo ń wò ó!"

"Orin wà níbẹ̀ lóòótọ́, títì ni wọ́n tì í. Àṣẹ tó ń ṣí i, inú kọ̀ǹpútà tí ẹ fi rà á ló wà. Bí kọ̀ǹpútà bá yí padà, ilé-ìtajà ló ń fún un ní àṣẹ mìíràn. Tí ilé-ìtajà ò bá sí mọ́..."

"Kọ̀ǹpútà kan náà mà nìyí!"

Kọ̀ǹpútà kan náà ni lóòótọ́, àmọ́ ní ọdún méjì sẹ́yìn, bàbá fura pé ọkọ ọmọ òun ti fi nǹkan tó ń ṣọ́ òun síbẹ̀, ó bá gbé e lọ fún alátùn-únṣe pé kó fọ inú rẹ̀ mọ́ tónítóní. Ó kọ́kọ́ kó fáìlì rẹ̀ sórí fláàṣì, ó rò pé gbọ́n-ín gbọ́n-ín lòun ti mú un. Fláàṣì gba orin, kò gba àṣẹ. Láti ìgbà yẹn, áàpù tí ọmọ fi sórí fóònù ìyá rẹ̀ ni ìyá fi ń gbọ́ orin náà, bàbá kò sì tẹ ti orí fláàṣì wò rí. Ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi nu àṣẹ yẹn nù.

"Gbogbo orin tí wọ́n ń tà kọ́ ni wọ́n ń tì báyìí," ọmọ tún wí. "Ọ̀pọ̀ èyí tí wọ́n ń tà lónìí, bí ẹ bá ti gbé e sílé, ibi tó bá wù yín ni ẹ lè kó o sí. Ti ayé ìgbà yẹn lẹ rà."

Oníkọ́kọ́rọ́ wo fláàṣì náà. Kò sí ẹni tí ọ̀rọ̀ yìí lè yé jù ú lọ. Ọ̀pọ̀ ìgbà ló ti ta àgádágodo fún èèyàn, kò sì sí ìgbà kan tó mú kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ dání lọ sílé. Inú bí i. "Wọn ò ṣe kìlọ̀ fún èèyàn? Kí wọ́n ní àwọn ń lọ?"

"Ó yẹ kí wọ́n ti fi ímeèlì ránṣẹ́."

Ó sì rántí. Ímeèlì kan wọlé nígbà náà tó ní ilé-ìtajà ń palẹ̀ mọ́, kí oníbàárà kọ orin tó rà sórí síídì kó tó di ọjọ́ báyìí báyìí. Ó ti ka gbólóhùn méjì nínú rẹ̀, ó ní, "Gbájúẹ̀," ó sì pa á rẹ́. Ó tilẹ̀ pe ìyàwó rẹ̀ wá wò ó kó tó pa á rẹ́, ó fi kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń lu èèyàn ní jìbìtì. Ajá tí yóò sọnù kì í gbọ́ fèrè ọdẹ. Ó jókòó síwájú kọ̀ǹpútà yẹn, ojú sì tì í níwájú ọmọ tó bí.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun tó tẹ̀ lé e, ó ní òun á fẹnu ara òun kọ ọ́. Ó dúró níwájú irin méjì, ó la ẹnu. Ẹ̀yin èèyàn mi, ọkùnrin yìí mọ ohun púpọ̀, kò mọ orin. Ó fà á níbi tó yẹ kó yá, ó yá níbi tó yẹ kó fà. Fìsíò kọjú sí ògiri. Ìyá bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín àkọ́kọ́ láti ọ̀sẹ̀ méjì, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ kò gbéra. Ọ̀sẹ̀ méjì ti lọ nínú àwọn oṣù tí Fìsíò ní kí wọ́n má fi ṣòfò.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn ló fa àga súnmọ́ ìyàwó rẹ̀. Ọmọ wà níbẹ̀, ó ń ká aṣọ.

"Ìyá wa, ṣé ó ṣeé ṣe kí ẹlòmíràn ní orin yìí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni."

Kò retí ìyẹn. Ó nà ró. "Ta ni? Aládùúgbò tó ń wá ránṣọ ni?"

"Rárá."

"Ọ̀rẹ́ ẹ, olùkọ́ yẹn?"

"Rárá."

Ó dárúkọ gbogbo oníbàárà rẹ̀, ó dárúkọ ẹni tó ń ta bọ́tìnì fún un, ó dárúkọ ẹni tó ti kú. Bó ṣe ń dárúkọ wọn ni ohùn rẹ̀ ń le sí i, ó kù díẹ̀ kó dà bí ẹjọ́ ní kóòtù. Ẹni wo ni ìyàwó òun ń fi nǹkan inú ilé fún tí òun ò mọ̀? Rárá, rárá, rárá. Nígbà tó yá, ọmọ gbé aṣọ sílẹ̀.

"Bàbá mi, ẹnì kan wà tí ẹ ò tíì dárúkọ."

Ó mọ ẹni tó ń wí. Àbúrò ìyàwó rẹ̀ tó ń ṣe káfíńtà ni. Ọdún mẹ́rin rèé tí wọn ò bá ara wọn jókòó. Lọ́jọ́ kan nígbà náà ni oníkọ́kọ́rọ́ tètè délé, ó bá ìyàwó rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ẹ̀yìn tó ń ki àpò ìwé kan bọ àbúrò rẹ̀ lọ́wọ́. Kò béèrè nǹkan kan. Owó ṣọ́ọ̀bù òun ni, ó ti dá a lójú. Ó pe ọkùnrin náà lólè níṣojú ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ọkùnrin náà wò ó, ó kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ pé ó dàbọ̀, ó lọ. Bó bá fẹ́ wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀ báyìí, ìgbà tí oníkọ́kọ́rọ́ bá wà ní ṣọ́ọ̀bù ló máa ń wá.

"Àbúrò ẹ ni?" ó béèrè.

Ìyàwó rẹ̀ fi ọwọ́ òsì gbá apá àga. "Bẹ́ẹ̀ ni! Bẹ́ẹ̀ ni!"

Ní ọ̀sán ọjọ́ kejì ló lọ. Ó dúró síwájú ilẹ̀kùn ibi iṣẹ́ káfíńtà fún ìgbà díẹ̀, kò mọ bí wọ́n ṣe ń kan ilẹ̀kùn irú ẹni bẹ́ẹ̀. Ó kàn án.

"Ta ló wà ńbẹ̀?" wọ́n béèrè láti inú.

Bó bá jẹ́ ọjọ́ mìíràn, inú ì bá bí i. "Èmi ni," ó wí.

Eruku pákó bo gbogbo ibẹ̀, ó fi dé orí rédíò àtijọ́ kan tó ń gba síídì. Káfíńtà gbé ayùn sílẹ̀. Ó ti hewú sí i. "Ẹ káàsán, ẹ̀gbọ́n. Ṣé kò sí o? Ṣé ara ẹ̀gbọ́n mi le?"

"Ara ẹ̀ le." Oníkọ́kọ́rọ́ ò mọ ibi tó máa gbé ọwọ́ sí. Ó ro ọ̀rọ̀ náà láti ìbẹ̀rẹ̀, bí orin ṣe lọ lórí fóònù, bí tirẹ̀ ṣe kọ̀ láti ṣí, bí ẹsẹ̀ ṣe dúró. Káfíńtà kò jẹ́ kó parí rẹ̀ tó fi dìde. Ó ní òun wá wo ẹ̀gbọ́n òun ní ọjọ́ márùn-ún sẹ́yìn, kò sẹ́ni tó sọ ọ̀rọ̀ orin fóun. Ó ṣí dúrọ́ọ̀, ó mú àpò ìwé kan jáde.

Síídì kan ṣoṣo ló wà nínú rẹ̀. Ìkọ̀wé ọwọ́ ìyàwó rẹ̀ ló wà lórí rẹ̀, orúkọ àkójọ náà àti ọjọ́. Oníkọ́kọ́rọ́ wo ọjọ́ náà. Ọjọ́ kan péré ló kù nígbà náà kí ilé-ìtajà tì. Ìyàwó rẹ̀ ti ka ímeèlì tó pè ní gbájúẹ̀, ó kà á dé ìsàlẹ̀. Ó dúró kí ọkọ rẹ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀bù, ó kọ orin mẹ́wẹ̀ẹ̀wá sórí síídì lára kọ̀ǹpútà yẹn, nígbà tí àṣẹ ṣì wà níbẹ̀. Síídì tí wọ́n bá sì ti kọ orin sí báyẹn, kì í béèrè àṣẹ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

"Ó ní kí n tọ́jú ẹ̀ títí tóun á fi béèrè," káfíńtà wí.

"Kí ló dé tí o ò sọ fún mi lọ́jọ́ yẹn? Mo pè ọ́ lólè! Kí ló dé tí o ò ya àpò yẹn kí n rí i?"

"Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ bi mí ni? Ẹ ti mọ̀ kí ẹ tó dé ẹnu ọ̀nà."

Oníkọ́kọ́rọ́ jókòó sórí pákó tí kò tíì gé. Ó bẹ ọkùnrin náà, ó bẹ̀ ẹ́ dáadáa, kò fi ẹ̀fẹ̀ kún un. Káfíńtà ní ó ti tó, kí wọ́n kọ́kọ́ wò ó bóyá orin ń dún. Wọ́n fi síídì sínú rédíò. Orin kìíní dún, ìkejì dún, ìkẹta dún láti òkè dé ilẹ̀. Nígbà tó dé ìkeje ó ń fò.

"Síídì náà ń darúgbó," káfíńtà wí. "Ẹ má gbára lé èyí nìkan o."

Ilé ọmọ ni wọ́n gbé e lọ lọ́sàn-án yẹn, ọmọ sì kó orin inú rẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà tirẹ̀, ó kó o sórí fláàṣì mẹ́ta. Bàbá ló ní kí káfíńtà mú ọ̀kan. Ọmọ kò pa áàpù rẹ̀ rẹ́, ó ṣì ń sanwó oṣooṣù, ṣùgbọ́n ó jókòó kọ orúkọ orin méje sílẹ̀, àwọn tí òun kò lè fojú inú wo ara òun láìsí wọn, ó sì ń wá ibi tí wọ́n ti ń ta wọ́n láìtì.

Ní ọjọ́ Ẹtì, ìyá dìde láàárín irin méjì. Àbúrò rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ dígí, ọmọ gbé sípíkà kékeré dání, oníkọ́kọ́rọ́ dúró lẹ́yìn rẹ̀ kó má baà ṣubú. Orin kẹta bẹ̀rẹ̀. Fún ìgbà díẹ̀ kò sí nǹkan kan. Lẹ́yìn náà ẹsẹ̀ ọ̀tún gbéra, ó balẹ̀ níbi tí ìlù balẹ̀. Òsì. Ọ̀tún. Fìsíò ń kà á sínú.

Oníkọ́kọ́rọ́ ń tẹ̀ lé e. Wọ́n ti sọ fún un pé kó má bá a sọ̀rọ̀ bó bá ń rìn, àmọ́ ọjọ́ mẹ́ta ló ti ń ro ìbéèrè kan. Nígbà tí wọ́n dé ìṣísẹ̀ kejìlá, kò lè pa á mọ́ra mọ́.

"Ìyá wa," ó wí jẹ́jẹ́. "Ṣé nítorí mi lo ṣe lọ fi í pamọ́ síta? Ṣé o mọ̀ pé bó bá wà nínú ilé, màá bà á jẹ́?"

"Bẹ́ẹ̀ ni," ìyàwó rẹ̀ wí. Kò bínú sọ ọ́, kò sì yíjú.

Ọkọ dúró síbẹ̀, ó di irin mú. Ìyàwó kò dúró, orin ṣì ń lọ, ìṣísẹ̀ mẹ́tàlá, mẹ́rìnlá, mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ó kọjá mọ́kàndínlógún tó ti dé tẹ́lẹ̀. Ó di ìkọkànlélógún kó tó wẹ̀yìn wò bóyá ọkọ òun ń bọ̀.